A Ó Rà Á Tàbí A Ò Rà Á? Bí A Ṣe Ń Tún Ímeèlì Kà Kí Ó Tó Lọ Sọ́dọ̀ Olùtajà Tí A Kò Ní Rajà Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn iyì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo mú wá, ímeèlì kékeré kan, mo sì fẹ́ kí a jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka lẹ́tà tí àwọn ẹlòmíràn kọ, kí n tún un ṣe, kí ó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Nínú gbogbo èyí tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, kò sí èyí tí mo máa ń fara balẹ̀ fún tó lẹ́tà tí a fi ń sọ fún olùtajà pé a rí ìwé ìdíyelé rẹ̀, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní rajà náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà ìbínú rọrùn láti tún kà, torí ẹni tó ń bínú kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Lẹ́tà ìdúpẹ́ náà rọrùn. Èyí tí a ti fẹ́ dúpẹ́ tí a sì fẹ́ kọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há síni lẹ́nu, tí á fi di àbọ̀.

Mo fi ọwọ́ ara mi jẹ́ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kan jáde nígbà kan. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló kọ ọ́, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo wò ó lórí fóònù, mo rí i pé ó níwà pẹ̀lẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ líle níbẹ̀, mo ní kó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì, olùtajà náà pe wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀. Ó ń béèrè ọjọ́ tí a fẹ́ kí òun kó àwọn àga náà wá. Ó ti sanwó fún aṣọ tí ó fẹ́ fi bò wọ́n. A ní láti sọ fún un lórí fóònù náà pé a kò rà á, owó tó ti ná sì ti lọ. Ó bi wá léèrè pé, "Ṣebí ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó rà á?" Nígbà tí mo padà lọ wo lẹ́tà náà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́tà náà nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, láìsí àmì kankan. Mo yí nọ́ńbà àti ọjà rẹ̀ padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìyẹn:

```
Akole: Iwe yin

E ku ise o. A ti gba iwe idiyele yin, a si dupe gan-an.
Ni bayii na, o da bi eni pe owo naa ga die.
E jowo, e ma binu. A o ra awon aga naa lodo yin.
Ti nnkan ba yi pada, a o kan si o.

Pelu owo.
```

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró síbi tí ilé ti wó: "A o ra awon aga naa lodo yin."

Ẹni tó kọ ọ́ ní "a ò rà" lọ́kàn, ìyẹn ni pé a kò rà á. Ẹni tó kà á rí "a ó rà", ìyẹn ni pé a máa rà á. Ẹni méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ohun tó wà láàárín wọn kò ju àmì ohùn kan lọ lórí lẹ́tà kan: ohùn ìsàlẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn òkè ni bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a bá ń fẹnu sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè ṣì wọ́n mú, torí ohùn wa ló ń gbé ìyàtọ̀ náà. Lórí ìwé tí kò ní àmì, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́ rárá. Olùtajà tó ti ń retí pé a máa rajà kò sì ní ka bẹ́ẹ̀ kọ́ síbi tó ti lè ka bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ lè sọ pé kí a ṣáà fi àmì sí i. Ẹ fi sí i, ó dára, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ẹrù ìpinnu lé àmì kan lórí. Ímeèlì máa ń kọjá láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, àmì kì í sì í dé ibi gbogbo tán. Lẹ́tà bí "ó" ní kóòdù tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. "Ọ" ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ tó gbà á kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n pọ̀, àmì á ṣí kúrò níbi tó wà, tàbí kí ó di àmì ìbéèrè, tàbí àpótí kékeré tí kò ní nǹkan nínú. Ẹlòmíràn sì tún máa ń da ọ̀rọ̀ wa kọ sínú ìwé tirẹ̀ láìfi àmì sí i, kó tó fi han ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn ìpinnu gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè dá dúró bí gbogbo àmì bá tilẹ̀ jábọ́. Yorùbá ní i, kò ṣọ̀wọ́n. Dípò "a ò rà", ẹ kọ "a kò ní rà". Ẹ bọ́ àmì rẹ̀ kúrò: "a ko ni ra". Kò sí ẹni tó máa ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. "A kì yóò rà" náà dúró dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le díẹ̀ létí àwọn ẹlòmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń da gbólóhùn ìpinnu kọ sórí ìwé lọ́tọ̀, láìsí àmì kankan, mo sì máa ń fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: ṣé wọ́n rà á àbí wọn ò rà á? Bó bá ronú kó tó dáhùn, gbólóhùn náà kò tíì jinná. Mi ò ní bi ẹni tó kọ lẹ́tà náà, torí ó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló sì máa kà.

Mo fẹ́ kí ẹ wá wo ìlà àkọ́kọ́ báyìí, torí ó burú lọ́nà tó farasin ju ìyẹn lọ: "A ti gba ìwé ìdíyelé yín."

Níbí, àmì ohùn kò lè gbà wá. "Gbà" tó túmọ̀ sí pé nǹkan dé ọwọ́ ẹni àti "gbà" tó túmọ̀ sí pé a fara mọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, ohùn kan náà ni wọ́n ní. A gba lẹ́tà. A gba ìmọ̀ràn. Ìkíní, ó dé ọwọ́ wa. Èkejì, a fara mọ́ ọn. Nígbà tí ohun tí a gbà bá wá jẹ́ ìwé ìdíyelé, tó jẹ́ pé lẹ́tà ni, tó sì tún jẹ́ ìmọ̀ràn lórí iye owó, gbólóhùn yẹn di olójú méjì. Olùtajà tó ka "A ti gba ìwé ìdíyelé yín, a sì dúpẹ́ gan-an" ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó tó dé ìlà kejì. Bó bá wá dé "a o ra", ó ti mọ èyí tó máa kà á sí. Ìlà àkọ́kọ́ ló ṣe ọ̀nà fún àṣìṣe ìlà kẹta, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé a kò lè tún gbólóhùn kan ṣe kí a fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé bí a bá yí i sí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ràn ti tán. "A kò gba ìwé ìdíyelé yín." Kí ni ẹ gbọ́ nínú ìyẹn? Mo ti rí olùtajà tó dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lóhùn, tó ní òun bẹ̀bẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sọnù lọ́nà, òun ti tún un fi ránṣẹ́. Ó gbọ́ pé lẹ́tà òun kò dé. Kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ẹlòmíràn á ní kí a lo "kọ̀" nígbà náà. "Kọ̀" fúnra rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí "kọ" tí a fi ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń sọ pé "ó rà á" ṣùgbọ́n "ó ra ìwé", bẹ́ẹ̀ náà ni "kọ̀" ṣe ń di "kọ". Bí a bá wá kọ "a kọ ìwé ìdíyelé yín", àwa fúnra wa á dà bí ẹni tó jókòó tó kọ ìwé náà. Yàtọ̀ sí èyí, "kọ̀" le létí. Ó máa ń dà bí ẹni pé ènìyàn náà fúnra rẹ̀ ni a kọ̀. Olùtajà tó ti lo ọjọ́ méjì lórí ìwé rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lù.

Ohun tí mo máa ń fi rọ́pò rẹ̀ kò ní ìṣòro rárá. Fún pé ó dé: "Ìwé ìdíyelé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́." Ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó dé ni, kò sọ pé a fẹ́ ẹ tàbí a kò fẹ́ ẹ. Fún ìpinnu, ẹ má fi ọ̀rọ̀ lé ìwé náà lórí, ẹ fi lé ọjà náà: "A kò ní ra àwọn àga náà lọ́dọ̀ yín." Ìwé ni ẹni náà kọ, ọjà ni a kò rà. Bí mo bá ka lẹ́tà kan tí "gbà" wà nínú rẹ̀ níbikíbi, mo máa ń dúró sórí rẹ̀, mo sì máa ń yọ ọ́ nígbà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń bá mi jiyàn.

Wọ́n á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Mo gbà pé òótọ́ ni, níbi tí ojú ti ń wo ojú. Bí mo bá sọ fún yín lójúkojú pé "a ó wò ó", ẹ ó rí bí mo ṣe gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó gbọ́ bí ohùn mi ṣe lọ sílẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé mi ò ní wò ó. Ojú àti ohùn mi ló sọ àbọ̀ tó kù. Ímeèlì kò ní ojú. Àbọ̀ tí a bá fi síbẹ̀, inú ẹlòmíràn ló ti máa di odidi, odidi tó wù ú ló sì máa dà. Ẹni tó fẹ́ tajà kò ní fi àbọ̀ wa kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wo ìlà kejì pẹ̀lú èyí lọ́kàn: "Ní báyìí ná, ó dà bí ẹni pé owó náà ga díẹ̀." Ìlà yìí kò ní àṣìṣe kankan nínú gírámà. Ṣùgbọ́n mo ka ilẹ̀kùn mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. "Ní báyìí ná" sọ pé ó lè yàtọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ná", ó máa ń yọ́ wọ inú gbólóhùn wa láìjẹ́ pé a pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ kò tíì parí. "Ó dà bí ẹni pé" sọ pé kò dá àwa náà lójú. "Ga díẹ̀" ló wá burú jù nínú wọn. Ó sọ fún olùtajà pé iye owó nìkan ni ìṣòro, pé ìṣòro náà kéré, pé bó bá dín díẹ̀ kù, ọjà ti dọ́wọ́ wa. Ó máa dín in kù, ó máa tún kọ̀wé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Àwa ni a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà nìyí: ṣé lóòótọ́ ni pé bó bá dín in kù ẹ ó rà á? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé kì í ṣe lẹ́tà kíkọ̀ ló yẹ kó kọ, lẹ́tà ìdúnàádúrà ni, kó lọ kọ ìyẹn. Bó bá ní rárá, kí iye owó kúrò nínú lẹ́tà pátápátá, àgàgà iye tí olùtajà kejì pè, tí kò yẹ kí a sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó léwu ju bí ó ṣe rí lójú lọ kí a máa dárúkọ iye nínú lẹ́tà tí a fẹ́ fi kọ̀. Àdéhùn kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ìlú Fiẹ́nà ní ọdún 1980, lórí ọjà tí oníṣòwò ń tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1988. Abala 19 rẹ̀ sọ pé bí ẹnì kan bá fi ìdáhùn tó dà bí ìfaramọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n tó yí nǹkan padà nínú rẹ̀, ó ti kọ ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì ti fi tirẹ̀ lọ ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ òfin àdéhùn nílé-lóko ló rí bákan náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè fà. Ẹ kọ̀wé pé bó bá jẹ́ iye báyìí ni, ẹ ó rà á. Olùtajà dáhùn pé ó dára, òun gbà. Ó ṣeé ṣe kó ti di àdéhùn nìyẹn, ẹ̀yin tó rò pé ẹ ti kọ̀ sì ti ra ọjà.

Abala 17 nínú àdéhùn kan náà tún kàn wá. Ó ní nígbà tí ìdáhùn kíkọ̀ bá ti dé ọwọ́ ẹni tó fi ọjà lọni, ohun tó fi lọni ti parí, kódà bó bá tilẹ̀ ti ṣèlérí pé òun kò ní yí i padà. Ìyẹn ni pé bí a bá kọ̀ lónìí, tí olùtajà tí a yàn wá yẹ̀ lọ́la, a kò lè sá padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ kí a sọ pé ó yẹ kó tà á fún wa ní iye tó pè tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà bóyá olùtajà tí wọ́n yàn ti fọwọ́ sí ìwé. Bí kò bá tíì fọwọ́ sí i, lẹ́tà náà á dúró. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí kọ lẹ́tà tí kò já síbì kan, kí wọ́n lè fi olùtajà tí wọn kò yàn pamọ́ bí ohun ìpamọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí a fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ọjà rẹ̀ dúró dè wá, ó sì ń kọ̀ fún ẹlòmíràn nítorí tiwa. Ó sàn kí a má tíì kọ̀wé ju kí a kọ ìwé tó máa tàn án jẹ.

Mo ti pẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn ìyókù yá. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú": mo máa ń yọ ọ́. A kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní nǹkan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ "ma" fún "má" àti "máa" pọ̀, "e ma binu" sì lè di ohun mìíràn. "Tí nǹkan bá yí padà, a ó kàn sí ọ": ilẹ̀kùn ni, kí ó kúrò. Ẹ tún wo "ọ" tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Láti òkè ni a ti ń sọ "ẹ" àti "yín", a wá sọ̀kalẹ̀ sí "ọ" ní ìlà ìkẹyìn, bí ẹni tó bọ́ fìlà kíni, tó tún dé e padà nígbà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ. Ẹni tí a kọ̀ máa rí i, yóò sì dùn ún. Mo máa ń fi odidi ìgbà kan ka lẹ́tà láti wá "o", "ọ" àti "rẹ" nìkan, torí ibi tí wọ́n ti da gbólóhùn kọ láti inú lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n ti máa ń yọjú.

"Pelu owo" ńkọ́? Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ. Láìsí àmì, ó tún lè jẹ́ pẹ̀lú owó, nínú lẹ́tà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo rẹ̀. "Pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì lè di ọ̀rọ̀ owó bí àmì bá jábọ́.

Bí a ṣe tún lẹ́tà náà kọ nígbà tó yá nìyí:

Àkọlé: Ìpinnu wa lórí ìwé ìdíyelé 0147, àga 40 àti tábìlì 12

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ìwé ìdíyelé yín, nọ́ńbà 0147, tí ẹ kọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, tẹ̀ wá lọ́wọ́. A dúpẹ́ fún un, a sì dúpẹ́ pé ẹ wá fúnra yín láti wọn yàrá náà.

A kò ní ra àwọn àga àti tábìlì náà lọ́dọ̀ yín. A ti yan olùtajà mìíràn fún iṣẹ́ yìí.

Ìpinnu náà ti parí, nítorí náà ẹ má ṣe wahálà láti tún iye mìíràn fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti ya ọjà kankan sọ́tọ̀ nítorí wa, ẹ lè tà á fún ẹlòmíràn láti òní lọ.

Pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀,

Orúkọ àti ipò ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. Ìdúpẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó dì mú: ẹni náà wá, ó fi okùn ìwọ̀n wọn yàrá. Ìdúpẹ́ tó dárúkọ iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lára ju "a dúpẹ́ gan-an" mẹ́ta lọ, kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan, torí ohun tó ti kọjá ló ń sọ. Gbólóhùn ìpinnu dá ìlà tirẹ̀ ní, kò sí "ṣùgbọ́n" tó ń fà á lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sì ni: "a ti yan". Bó bá jẹ́ "a ń yan" tàbí "a fẹ́ yan" ni, olùtajà ṣì láyè láti wọlé. Àmọ́ kí a má kọ "a ti yan" bí a kò bá tíì yan ẹnikẹ́ni o. Bó bá jẹ́ pé a kò ní rajà náà mọ́ rárá, ohun tí a máa kọ nìyẹn: "A kò ní ra àga àti tábìlì fún yàrá náà mọ́." Àtúnkà kò gbọdọ̀ fi irọ́ mú lẹ́tà dúró ṣinṣin.

Ìlà tó sọ nípa ọjà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìlà yẹn ló dá olùtajà náà sílẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí kíkọ̀ náà ṣe é láǹfààní. Ká ní a kọ ọ́ nígbà yẹn, kò ní sanwó aṣọ.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti dára, ẹ wo ohun tó yí i ká. Ẹ fi nọ́ńbà àti ọjọ́ inú lẹ́tà yín wé ti ìwé ìdíyelé gan-an, kí ẹ ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iyè yín. Olùtajà kan lè ti fi ìwé méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún àga, ọ̀kan fún fìtílà. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà ti èkejì, ohun tí ẹ fẹ́ rà ni ẹ kọ̀ yẹn. Ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀rọ máa ń fi orúkọ tó jọ ọ́ kún un fúnra rẹ̀. Ẹ wá fa ojú ewé náà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ pé inú ímeèlì tí ẹ̀yin àti àwọn ará ọ́fíìsì fi ń jíròrò lórí iye owó ni ẹ ti dáhùn, gbogbo ìjíròrò yẹn ṣì wà lábẹ́ lẹ́tà yín, pẹ̀lú iye tí àwọn olùtajà yòókù pè àti ohun tí ẹnì kan sọ nípa iṣẹ́ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Mo ti rí i kí lẹ́tà tó níwà pẹ̀lẹ́ jù di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nítorí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun, ó sàn. Bó bá sì jẹ́ pé olùtajà mẹ́ta ni ẹ fẹ́ kọ̀wé sí, ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kó wọn pọ̀ sórí ìlà kan náà kí wọ́n máa rí orúkọ ara wọn. "Bcc" lè fi orúkọ pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ nọ́ńbà ìwé ìdíyelé olúkúlùkù sínú lẹ́tà tirẹ̀.

Ó kù kan. Kódà bí lẹ́tà bá dára tó èyí, olùtajà mìíràn á tún dáhùn. Á ní òun ti yọ ìdá mẹ́wàá kúrò nínú iye náà, kí a jọ̀wọ́ tún un rò. Ibí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ìpinnu tó yẹ̀, torí a máa ń rò pé ọmọlúwàbí gbọ́dọ̀ wá àlàyé tuntun. Ẹni tó kọ èsì á wá ní àwọ̀ àga náà kò bá yàrá mu. Olùtajà á ní òun ní àwọ̀ mẹ́fà mìíràn. Ìdí kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un ni yóò máa rí ìdáhùn tirẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi padà di ìdúnàádúrà. Èsì kejì kò nílò ju èyí lọ:

Iye tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́, a dúpẹ́. Ìpinnu tí a kọ sí yín ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta kò yí padà. Pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀.

Bí mo ṣe ka ti àkọ́kọ́ ni mo ṣe máa ń ka èyí náà. Mo máa ń wò ó bóyá "gbà" tún ti yọ́ wọlé, bóyá ẹnì kan ti fi "ná" sí ìparí "kò yí padà". Mo máa ń bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, "ko yi pada", mo sì máa ń fún ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà kó bá mi kà á sókè. Bó bá kà á lẹ́ẹ̀kan tí kò dúró ronú, mo máa ń fi ránṣẹ́.